Lèmọ́mù, Ṣẹ́páàdì àti ọ̀gá ilé-ìwé: bí a ṣe ń kí wọn níbi ìsọmọlórúkọ ní Ẹ̀pẹ́

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ Àgbádárìgì ni mí, inú ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni wọ́n sì bí mi sí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi, ilé Mùsùlùmí ló ti wá. Ọlọ́run ti fún wa lọ́mọ, ilé àwọn òbí ìyàwó mi ní Ẹ̀pẹ́ la ó ti sọ ọ́ lórúkọ. Lèmọ́mù àdúgbò wọn ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, Pásítọ̀ ìjọ wa ń bọ̀ láti Àgbádárìgì, ọ̀gá ilé-ìwé tí ìyàwó mi ti ń ṣe tíṣà náà ń bọ̀. Èmi ni màá dìde kí wọn. Kí ni kí n máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn? Ṣé kí n kí Lèmọ́mù ní “Àsàláámù àlékúmù”, àbí kí n dọ̀bálẹ̀? Mi ò fẹ́ kí àwọn àna mi rò pé wọn ò kọ́ mi nílé.

*Ìdáhùn:* Bàbá ìkókó, kú oríire o. Ọlọ́run yóò dá ọmọ náà sí, yóò sì wo ìyá rẹ̀. Pé ilé àna lẹ ti fẹ́ sọmọ lórúkọ, ọ̀rọ̀ ìdílé yín nìyẹn, n kò ní fi ẹnu sí i. Iṣẹ́ alága ni mo ń ṣe ní ìhà tiwa yìí. Ìnáwó tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ bá pàdé, níbi kíkí gan-an ni nǹkan ti máa ń yíwọ́, ó sì máa ń yíwọ́ kí oúnjẹ tó jáde rárá.

Ẹni tí o rò pé o mọ̀ jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, ìyẹn ẹni tó ń bọ̀ láti ìjọ tìrẹ. O pè é ní Pásítọ̀. Nínú Sẹ̀lẹ́, olórí gbogbo ìjọ pátápátá ló ń jẹ́ Pásítọ̀. Bàbá Oṣọfà, tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní 1947 ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ń pè ní Pọ̀tọ̀-Nófò, ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ títí wọ́n fi papòdà ní 1985. Àwọn tó jókòó sí ipò wọn lẹ́yìn náà ló ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó ń darí ìjọ kan ní àdúgbò, bíi tiyín ní Àgbádárìgì, Ṣẹ́páàdì ni. Ó sì lè ní oyè ìfòróró-yàn tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó jẹ́ Líìdà, kó jẹ́ Ivánjẹ́líìsì, kó jẹ́ Wòlíì. Ṣẹ́páàdì ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, èkejì ń sọ ibi tó dé nínú àkàbà ìjọ. Bí wọ́n bá gbé e kúrò ní ìjọ yín lọ́la, kò ní jẹ́ Ṣẹ́páàdì yín mọ́, ṣùgbọ́n Ivánjẹ́líìsì rẹ̀ á máa bá a lọ.

Mo mọ bí “Pásítọ̀” ṣe wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Láàárín Èkó níbí, àwọn ìjọ tó pọ̀ jù lójú títì, olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Rìdíìmù, Pásítọ̀ lo máa pe ẹni tó ń darí ẹ̀ka tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ, “Dádì Jíò” nìkan ni o kò gbọdọ̀ fi pe ẹlòmíràn àyàfi olórí gbogbo ìjọ wọn. Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ Kátólíìkì, Fádà ni. Ní Áńgílíkà, Ẹni Ọ̀wọ̀ ni, àwọn mìíràn sì ti kọjá ibẹ̀, wọ́n ti di Kánọ́nì tàbí Fẹ́nárébù, wọn kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ níwájú èrò. Orúkọ kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo ìjọ wọlé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ọ̀hún, “Bàbá wa Ṣẹ́páàdì” ni kí o wí, kí o fi oyè rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e: “Ṣẹ́páàdì ìjọ wa ní Àgbádárìgì, Ivánjẹ́líìsì Lágbájá.” Àwọn àna rẹ kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó bá a wọ ọkọ̀ wá láti Àgbádárìgì á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí o bá wí Pásítọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ojú tí wọ́n á fi wo ara wọn nìwọ náà á rí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí o ti sọ fún àwọn ará ilé ìyàwó rẹ ṣáájú. Bí Ṣẹ́páàdì bá wọ sùtánà wá, ẹsẹ̀ lásán ni yóò wà, torí wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Mo ti rí ibi tí ìyá arúgbó kan ti ń sáré wá sálúbàtà fún àlejò bẹ́ẹ̀, tó rò pé bàtà rẹ̀ ló já lọ́nà. Ó dára tí ẹ bá ti rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà tán kí àlejò tó dé.

Ó wá ku Lèmọ́mù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀.

Kí o kọ́kọ́ wádìí Lèmọ́mù wo ni. “Lèmọ́mù àdúgbò” tí o wí yẹn, ó jọ pé Ìmáàmù ràtíbì ni. Mọ́sáláṣí ràtíbì ni èyí tí àdúgbò ti ń kí ìrun wákàtí márùn-ún ojoojúmọ́. Ẹni tó ń ṣíwájú wọn níbẹ̀ ni Ìmáàmù ràtíbì. Mọ́sáláṣí Jímọ̀ tóbi ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ti ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Ìmáàmù ibẹ̀ ló sì ń ka kútúbà fún wọn. Lókè gbogbo wọn ni Ìmáàmù Àgbà wà, ẹni tí ìlú fi jẹ tí wọ́n sì wé láwàní fún. Bí o bá dìde tí o kí Ìmáàmù ràtíbì ní “Ìmáàmù Àgbà Ẹ̀pẹ́”, o rò pé o gbé e ga ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ara á kọ́kọ́ máa ni, torí àwọn tó jókòó tì í mọ ẹni tó ni oyè yẹn, ọ̀rọ̀ sì lè dé etí onítọ̀hún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní Ẹ̀pẹ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀ka kan. Nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló wá tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló bá a padà. Àwọn tó dúró ni ìran Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn ló ń ṣe ọdún Káyòkáyò lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà ní ìhà tiwọn. Ìlú kan ni, ilé méjì ni. Béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ ìhà tí bàbá rẹ̀ ti wá, má sì ṣe sọ “Ìmáàmù Ẹ̀pẹ́” báyìí láìfi orúkọ mọ́sáláṣí tì í.

Lèmọ́mù àti Ìmáàmù, ipò kan náà ni. Àwọn àgbà ìhà tiwa ń wí Lèmọ́mù, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó kàwé kéú dáadáa fẹ́ràn Ìmáàmù. Èyí tí bàbá ìyàwó rẹ bá ń wí ni kí o mú. Ìkìlọ̀ kékeré kan ni pé Lèmọ́mù tún wà tó jẹ́ orúkọ ìdílé. Baba ńlá wọn ló jẹ oyè, àwọn ọmọ sì ń jẹ́ ẹ bí orúkọ bàbá wọn. Bí o bá rí “Lèmọ́mù” níwájú orúkọ ẹnì kan lórí ìwé ìpè, béèrè kí o tó fi í sí ipò tí kò sí.

Ṣé kí o pè é ní Ààfáà? Kò burú, kì í ṣe èébú, àwọn ará àdúgbò á máa pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá kàwé kéú débi kan ni Ààfáà. Ààfáà mẹ́fà lè jókòó sórí ẹní kan náà lọ́jọ́ náà, kó sì jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn ni Lèmọ́mù. Bí o bá wí “Mo kí Ààfáà wa”, o ti da òun àti ẹni tó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá tẹ̀ lé e pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àlàájì. Lóòótọ́, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta símẹ́ńtì tó jókòó lẹ́yìn náà ti lọ. Ipò ni kí o fi ṣáájú, kí Àlàájì tẹ̀ lé e, kí orúkọ gbẹ̀yìn: “Ìmáàmù, Àlàájì Lágbájá.” Èmi kì í yí i padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń rí àwọn alága tó ń fi Àlàájì ṣíwájú.

Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé Lèmọ́mù kò ní lè wá. Jímọ̀ lè bọ́ sí ọjọ́ náà, tàbí kí ara wọn má le, kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń rán ni Nọ́íbì, òun ni igbákejì tó ń dúró fún Ìmáàmù bí Ìmáàmù kò bá sí nílé. Ó lè jẹ́ Ajánásì, ẹni tó ń ka àyọkà Kùránì sílẹ̀ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, pàápàá nínú oṣù Ràmàdáánì. Má ṣe kí Nọ́íbì ní Lèmọ́mù nítorí pé orúkọ Lèmọ́mù lo ti kọ sílẹ̀ nílé. Wí pé: “Bàbá wa Nọ́íbì, tí wọ́n dúró fún Bàbá wa Lèmọ́mù.” Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan yìí, o ti kí ẹni tó wá àti ẹni tí kò rí àyè wá. Bí a ṣe ń mọ ẹni tó wá gan-an kò ṣòro. Pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ ọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kùtùkùtù, kí o bi í pé, “Ta ló máa ṣe àdúà lónìí?” Yóò dá ọ lóhùn pẹ̀lú oyè náà gan-an bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ní ti ìdọ̀bálẹ̀, ó yẹ kí o mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ìforíkanlẹ̀ wà fún Ọlọ́run nìkan. Àwọn Ààfáà kan wà tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n á gba apá rẹ mú lágbedeméjì, wọ́n á ní “Dìde, dìde, ó tó.” Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn bàbá àgbà, wọ́n gbà pé àṣà ìkíni Yorùbá ni, kì í ṣe ìjọsìn, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ́ ọ léjìká, wọ́n á sì súre fún ọ. Ìwọ kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà. Àwọn àbúrò ìyàwó rẹ ni kí o máa wò. Bí wọ́n bá dé iwájú Lèmọ́mù tí wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀, má kọjá ibẹ̀. Bí wọ́n bá nà gbalaja, nà. Bí o bá ti ń lọ sílẹ̀ tí bàbá náà na ọwọ́ sí ọ pé kí o dìde, dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Má fi agídí parí rẹ̀, torí ìgbà náà ni ìkíni tí o fẹ́ fi bọlá fún un á di ohun tó ń dá a láàmú.

Bàbá ìyàwó rẹ ńkọ́? Dọ̀bálẹ̀ fún un délẹ̀délẹ̀, àna ni. Ṣùgbọ́n lọ ṣe é nínú ilé, láàárọ̀, kí Lèmọ́mù tó dé. Bí o bá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo wọn ti jókòó pọ̀, o ò ní mọ ẹni tí o ń nà fún, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ẹ yóò rò pé òun lo nà fún.

Obìnrin tó bá bá ọ wá náà ní láti mọ̀ pé bí òun bá kúnlẹ̀ kí Lèmọ́mù, ó ti tó. Kí ó má ṣe na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í bọ obìnrin tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí wọn lọ́wọ́. Bí ó bá na ọwọ́ tí bàbá náà sì fi tirẹ̀ lé àyà, ìkíni nìyẹn, kì í ṣe ìkórìíra.

“Àsàláámù àlékúmù” tí o béèrè, èmi ò ní kọ̀ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ṣáájú bí mo bá jẹ́ ìwọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́ mọ̀ pé ọmọ Sẹ̀lẹ́ ni ọ́. Bí o bá wí i, àwọn kan á dáhùn tayọ̀tayọ̀. Lèmọ́mù tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà gan-an lè dá ọ lóhùn pé “Wàlékúmù” kó sì dúró síbẹ̀, torí hádíìsì kan wà tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe máa dáhùn bí àwọn tó ní ìwé ẹ̀sìn tiwọn bá kí wọn. Bí o bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, má rò pé ó já ọ kulẹ̀. Ìkíni Yorùbá kò ní irú ìṣòro yìí: “Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ kú àdúà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Kò sí Lèmọ́mù tí kò ní dá èyí lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí òun bá sì ṣáájú tó ní “Àsàláámù àlékúmù” sí gbogbo ilé, ìwọ náà lè bá wọn dáhùn “Wàlékúmù sàláámù”. Ìdáhùn rọrùn ju ìpè lọ.

Èyí tí mo bẹ̀ ọ́ kí o má ṣe ni “Halelúyà!” Mo mọ̀ pé ó ti mọ́ ẹ lára láti fi jí àwùjọ bí o bá gba ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ yẹn, fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá kan Ṣẹ́páàdì láti gbàdúrà.

Ó tún ku ta ni kí o kọ́kọ́ kí. Lèmọ́mù ló ń sọ ọmọ lórúkọ, ilé tiwọn la sì wà, òun ni kí o fi ṣáájú nínú àwọn aṣáájú ẹ̀sìn. Ṣẹ́páàdì rẹ kò ní bínú bí o bá ti sọ fún un lórí fóònù ṣáájú pé báyìí ni ètò ṣe lọ. Ohun tó máa ń dun àlejò ni kó jẹ́ pé níbẹ̀ ló ti máa gbọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó kan àwọn méjèèjì, bàbá àti ìyá ìyàwó rẹ ló ni ilé, àwọn ni kí o kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn. Bí èmi bá máa sọ ọ́, báyìí ni mo máa wí:

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa. Bàbá mi, màmá mi, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín kí n kí àwọn àgbà wa. Mo kí Bàbá wa Lèmọ́mù, Ìmáàmù mọ́sáláṣí àdúgbò yìí, Àlàájì Lágbájá, àti gbogbo àwọn Ààfáà tí wọ́n bá wọn wá. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú àdúà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo kí Bàbá wa Ṣẹ́páàdì, Ivánjẹ́líìsì Lágbájá, tí wọ́n ti Àgbádárìgì wá. Ẹ kú ìrìn o, bàbá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo kí ọ̀gá wa, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí ìyá ìkókó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kú ìdúró ti ọmọ yín, mà.”

Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wo bí mo ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìkíni tó bá ohun tó ṣe mu. Ẹni tó wá gbàdúrà gba “ẹ kú àdúà”, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá gba “ẹ kú ìrìn”, onílé gba “ẹ kú ọwọ́ lómi”. Ẹni tó bá fi “ẹ káàbọ̀” kan ṣoṣo kí gbogbo wọn, bí oyè tó pè bá tilẹ̀ pé, ìkíni rẹ̀ kò tíì dé ibì kan. Onílé sì wà nínú wọn tí kò ti ibì kankan bọ̀!

Ọ̀gá ilé-ìwé kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Mo fi í sí “mà” nítorí mo rò pé obìnrin ni. Bí ọkùnrin bá ni, “sà” ni. Bí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá ni, Hẹ́dímásítà tàbí Hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì ni àwọn òbí ń pè wọ́n. Bí ilé-ìwé girama ni, Pírínsípà ni. Àwọn tíṣà tó wà lábẹ́ wọn kì í fi èyíkéyìí nínú méjèèjì pè wọ́n lójúkojú, “ọ̀gá” tàbí “mà” ni wọ́n ń wí. Bí ìyàwó rẹ ṣe ń pè é ni kí o tẹ̀ lé, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbáṣepọ̀ náà ti wá. Ṣọ́ra fún “Àǹtí”. Àwọn ọmọ kékeré ló ń pe tíṣà wọn bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ sì lè ti mú un wálé nípasẹ̀ wọn. Lẹ́nu àgbàlagbà, níbi ìnáwó, ó máa ń dà bí ẹni pé ọ̀gá náà ṣì wà ní kíláàsì ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. “Tíṣà” lásán náà, láìsí “bàbá” tàbí “ọ̀gá” níwájú rẹ̀, ti di ohun tí àwọn ọlọ́kadà fi ń pe ẹnikẹ́ni tó bá wọ ìgò ojú. Tí kò bá sí ohun mìíràn, pa á tì.

Bí ọ̀kan nínú àwọn àlejò bá jẹ́ olùkọ́ ilé-kéú, òun kì í ṣe tíṣà, kì í sì í ṣe Lèmọ́mù. Ùsítáàsì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ wọn tó ti ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá jáde fẹ́ ẹ ju Ààfáà lọ.

Àwọn ìyàwó wọn náà lè wá, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìṣe tó pọ̀ jù. Ìyàwó aṣáájú ìjọ kì í ṣe Ìyá Ìjọ, ìyàwó Lèmọ́mù kì í sì í ṣe Ìyá Àdínì. Oyè ni méjèèjì, wọ́n ń fi ènìyàn jẹ ẹ́ ni, ẹni tó jẹ ẹ́ sì lè jókòó sí ìlà kan náà pẹ̀lú ìyàwó tí o ń fi oyè rẹ̀ pè. “Màmá wa” ti tó fún ìyàwó. Fi Ìyá Àdínì sílẹ̀ fún ẹni tó náwó jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ rán ọ létí “ẹ” àti “wọn”. O mọ̀ ọ́n lò bí o bá kọjú sí wọn, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń já bọ́ ni ìgbà tí o bá ń sọ̀rọ̀ nípa wọn fún ẹlòmíràn tí wọ́n sì wà níbẹ̀: “Lèmọ́mù ti dé, ó ní ká bẹ̀rẹ̀.” “Wọ́n ti dé, wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀” ni. Bí Ìmáàmù náà bá jẹ́ ọmọdé sí ọ, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ jọ ṣeré bọ́ọ̀lù rí, “wọn” ṣì ni níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ipò rẹ̀ lo ń kí. Ìgbà tí ẹ bá ku ẹ̀yin méjì, ohun tí ẹ ti ń pe ara yín tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ rí i pé àwọn Ìmáàmù kékeré máa ń fẹ́ràn kí ọ̀rẹ́ àtijọ́ fi “ìwọ” pe àwọn nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ owó. Èyí tí ẹ bá fún Lèmọ́mù àti àwọn Ààfáà rẹ̀, sàárà ni, kì í ṣe “owó iṣẹ́” tàbí “ẹ gba, owó yín”. Fi ọwọ́ méjèèjì mú un, bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí o wí pé, “Bàbá, sàárà ọmọ yín nìyí, ẹ bá wa fi ṣe àdúà sí i.” Fi apá kan sílẹ̀ fún Ládàánì bó bá wá, ẹni tó ń pe ìrun, torí wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀. Ti Ṣẹ́páàdì, ọrẹ ni, owó ọkọ̀ sì yàtọ̀ sí i. Má ṣe fi ọ̀kan pè èkejì, má sì ṣe kà á níwájú èrò. Ti ọ̀gá ilé-ìwé, kò sí owó níbẹ̀ rárá, ohun ìrántí ọmọ tí ẹ bá pín fún gbogbo ènìyàn ti tó.

Kọ gbogbo orúkọ àti oyè yìí sórí bébà kan bí ó bá ku ọjọ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, kí o ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá ìyàwó rẹ lórí Wọ́sáàpù pé kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá fi “Àlàájì” kún ibì kan, tàbí tí wọ́n yọ “Àgbà” kúrò ní ibì kan, gbà á bẹ́ẹ̀, bí ó bá tiẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mo wí níbí. Àwọn ló mọ ẹni tí wọ́n fi jẹ, àwọn ló sì máa bá wọn gbé àdúgbò lẹ́yìn tí ẹ bá ti padà sí Àgbádárìgì.